Wáífáì Ọ̀fẹ́ Níta: Ẹ Tún Àkójọ Orúkọ Inú Fóònù Yín Ṣe Kí Ẹ Tó Ra VPN

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, Eric Butler, gbé irinṣẹ́ kékeré kan jáde fún bíráúsà Firefox. Firesheep ló pè é. Ẹni tó bá fi í sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, tó wá jókòó síbi tí wáífáì ọ̀fẹ́ wà, á máa rí orúkọ àwọn tó ń lo Facebook tàbí Twitter lórí wáífáì kan náà. Bó bá ti tẹ orúkọ ẹnì kan, ó ti wà nínú àkáǹtì onítọ̀hún nìyẹn, kò sì béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó fà á ni pé ìgbà tí èèyàn bá ń wọlé nìkan ni àwọn ìkànnì yẹn máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbangba ni àmì tí wọ́n fi ń dá oníbàárà mọ̀ ń gbà kọjá, ẹni tó bá sì mú àmì yẹn ti di oníbàárà.

Àsìkò Firesheep ni ìbẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní fún wáífáì ìta ti ṣẹ̀ wá, ilé-iṣẹ́ tó ń ta VPN, ìyẹn ètò tó ń gbé dátà yín gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan kọjá kó tó dé ìkànnì tí ẹ ń lọ, sì fẹ́ràn kí ìbẹ̀rù náà máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yàtọ̀. Ìkànnì tó ń lo HTTPS ló pọ̀ jù báyìí, débi pé láti oṣù keje ọdún 2018 ni Chrome ti ń kọ `Not secure` sí ìkànnì tí kò bá lò ó lára. HTTPS máa ń wé ọ̀rọ̀ láti inú fóònù yín títí dé ọ̀dọ̀ ìkànnì tí ẹ ń lọ. Ẹni tó bá jókòó sáàárín rí àpòòwé, kò rí lẹ́tà: ó lè mọ ìkànnì tí ẹ lọ, ó lè mọ ìgbà tí ẹ lọ síbẹ̀ àti bí dátà tó kọjá ṣe pọ̀ tó, àmọ́ kò lè rí páásíwọ́ọ̀dù yín, kò lè rí iye owó tí ẹ fi ránṣẹ́.

Ibi méjì ni olè ń gbà wọlé lórí wáífáì ìta lónìí. Àkọ́kọ́ ni orúkọ wáífáì tí fóònù yín ti kó pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Èkejì ni ojú ìwé tó máa ń jáde pé kí ẹ kọ nǹkan síbẹ̀ kí ẹ tó lè wọlé. Kò sí èyí tí VPN ń dí nínú méjèèjì.

Orúkọ lásán ni fóònù mọ̀

Bí fóònù bá sọ pé òun mọ wáífáì kan, kì í ṣe ráútà gan-an ló mọ̀. Orúkọ ló mọ̀, àti irú àgádágodo tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ká ní ẹ lo wáífáì kan tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù rárá, tí wọ́n ń pè ní `Free_WiFi`, ní ilé ìtajà kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ráútà tirẹ̀ ní `Free_WiFi` lónìí, tí kò sì fi páásíwọ́ọ̀dù sí i, fóònù yín lè sáré wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú àpò yín. Orúkọ wáífáì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá wù ló lè jẹ́ ẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Ọsirélíà lọ́dún 2024 fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn kedere. Ní oṣù kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan rí wáífáì kan tó fu wọ́n lára nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ọlọ́pàá tú ẹrù ọkùnrin kan, wọ́n bá ẹ̀rọ kékeré tó ń pín wáífáì níbẹ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àti fóònù. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án, wọ́n ní wáífáì tó jọ ti ibi tó wà ló ń gbé jáde, nínú ọkọ̀ òfurufú àti ní pápákọ̀ Perth, Melbourne àti Adelaide. Ẹni tó bá so mọ́ ọn á rí ojú ìwé kan tó ní kó fi ìméèlì tàbí àkáǹtì ìkànnì àwùjọ rẹ̀ wọlé. Ẹ kíyè sí i pé irú ọgbọ́n yìí kò já àgádágodo HTTPS kankan. Èèyàn fúnra wọn ló ń tẹ kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́.

Wáífáì tó ní páásíwọ́ọ̀dù kò rọrùn láti fara wé bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú ti ilé yín ní láti mọ páásíwọ́ọ̀dù ilé yín. Ṣùgbọ́n páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé oúnjẹ, tí gbogbo ẹni tó ti jẹun níbẹ̀ rí ọdún méjì mọ̀, kò yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so mọ́ ọn lára. Ojú kan náà tí ẹ fi ń wo wáífáì gbangba ni kí ẹ fi wò ó.

Àwọn orúkọ kan sì wà tó ti kú tí fóònù kò mọ̀ pé ó ti kú. Ní ọdún 2018, Google gbé wáífáì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Google Station wá sí Èkó. Ní ọdún 2020, wọ́n kéde pé àwọn ń pa á tì. Fóònù ẹni tó lò ó nígbà náà, tí kò sì yọ ọ́ kúrò, á ṣì máa retí rẹ̀.

Títú àkójọ náà

Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ṣe é nílé, níbi tí ẹ ti mọ páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò. Ẹ wá ọ̀nà tí ẹ fi máa rí páásíwọ́ọ̀dù ilé yín ná kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti fi ìkánjú pa ti ilé tàbí ti ìyẹ̀wù bàbá wọn rẹ́, tí wọ́n sì wá ń pe ẹni tó wá so ráútà láti ọdún tó kọjá. Lórí Áńdírọ́ọ̀dù, ẹ tẹ orúkọ wáífáì ilé, kí ẹ tẹ `Share`, àwòrán QR á jáde. Ẹ fi fóònù mìíràn ya á pamọ́.

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdírọ́ọ̀dù, ẹ wọ `Settings`, kí ẹ tẹ `Network & internet`, lẹ́yìn náà `Internet`, kí ẹ sì fà á wálẹ̀ dé `Saved networks`. Lórí Samsung, inú `Connections` ló wà: ẹ tẹ `Wi-Fi`, kí ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó tò léra lókè, kí ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ `Advanced` tàbí `Intelligent Wi-Fi` sí, ibẹ̀ ni `Manage networks` wà. Tecno àti Infinix ní orúkọ tiwọn fún un, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ `saved networks` sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè `Settings`, fóònù á gbé yín débẹ̀.

Lórí áífóònù tó ti dé iOS 16 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wọ `Settings`, kí ẹ tẹ `Wi-Fi`, kí ẹ wá tẹ `Edit` lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Á ní kí ẹ fi ojú tàbí ìka ọwọ́ ṣí i, lẹ́yìn náà ni gbogbo orúkọ á tò sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí: bí iCloud Keychain bá wà ní títàn, orúkọ tí ẹ bá yọ lórí fóònù á kúrò lórí Mac àti iPad yín náà. Ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn bó bá jẹ́ ti họ́tẹ́ẹ̀lì, àmọ́ bó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, ẹ rò ó dáadáa.

Nígbà tí orúkọ ogójì bá tò síwájú yín, bẹ́ẹ̀ sì ni ó máa ń rí fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹ má rò ó lọ títí. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé màá tún dé ibí láàárín oṣù mẹ́ta? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ `Forget`. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ní páásíwọ́ọ̀dù. Èyí tó ní, tó sì jẹ́ ti ilé, ti ọ́fíìsì tàbí ti mọ̀lẹ́bí, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tí kò ní, tàbí tí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lára ògiri, ẹ lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kí ẹ pa wíwọlé fúnra rẹ̀. `Auto-connect` ni wọ́n ń pè é lórí Áńdírọ́ọ̀dù, `Auto reconnect` lórí Samsung, `Auto-Join` lórí áífóònù. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó so.

Láptọ́ọ̀pù Windows ni èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń kó orúkọ jọ jù. Ẹ ṣí `Command Prompt`, kí ẹ tẹ àkọ́kọ́ nínú àwọn wọ̀nyí kí ẹ rí gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀. Èkejì ń pa orúkọ kan rẹ́, ẹ̀kẹta ń fi í sílẹ̀ ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó wọlé fúnra rẹ̀:

```
netsh wlan show profiles
netsh wlan delete profile name="Free_WiFi"
netsh wlan set profileparameter name="Ofiisi" connectionmode=manual
```

Orúkọ tó wà nínú àmì ìfayọ gbọ́dọ̀ rí bó ṣe wà nínú àkójọ gẹ́lẹ́, títí kan àlàfo àárín rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í kọ, Windows á ní òun kò rí irú rẹ̀, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa wáífáì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́. Àwọn kan gbà pé bí orúkọ wáífáì ilé àwọn kò bá hàn, olè kò ní rí i. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Nítorí pé ráútà kò pe orúkọ ara rẹ̀, fóònù yín ló ní láti máa pè é kiri níbikíbi tí ẹ bá dé, pé "ṣé o wà níbí?" Ẹni tó bá ń fetí sílẹ̀ á gbọ́ orúkọ náà. Ẹ jẹ́ kí orúkọ máa hàn, kí ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù tó gùn sí i.

Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí wáífáì wà

Ẹ jẹ́ ká mú họ́tẹ́ẹ̀lì kan n'Ìbàdàn. Ẹ tan wáífáì, orúkọ méjì jáde: `Hotel_Guest` tó ní àgádágodo, àti `Hotel_Guest_Free` tí kò ní. Ẹ má tẹ èyíkéyìí. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹni tó wà ní ibi ìgbàlejò, kí ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ wáífáì yín gan-an, kí ló sì máa béèrè lọ́wọ́ mi?" Ìbéèrè kejì yẹn lèyí tí èèyàn kì í béèrè, òun ló sì wúlò jù. Bí wọ́n bá fún yín ní bébà pélébé tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí, ẹ ti mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn nìkan ni ojú ìwé náà yẹ kó béèrè. Bó bá jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù ìméèlì ló ń béèrè nígbà tí ẹ so mọ́ ọn, ibòmíràn lẹ wà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so mọ́ ọn, ojú ìwé ìwọlé á jáde. Lórí Áńdírọ́ọ̀dù, ìkìlọ̀ `Sign in to Wi-Fi network` ló máa ń gbé e wá. Lórí áífóònù, ó ń ṣí fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà yàrá, nọ́ńbà orí bébà, orúkọ, ìwọ̀nyí kò burú. Bó bá fẹ́ ìméèlì, ẹ fún un ní èyí tí ẹ kì í fi ṣe nǹkan pàtàkì. Àmọ́ páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò níbòmíràn kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà káàdì, BVN tàbí OTP. Bọ́tìnì tó ní kí ẹ fi Google tàbí Facebook wọlé, ẹ fò ó, kódà bó bá jẹ́ wáífáì òótọ́ ni, torí fèrèsé kékeré yẹn sábà máa ń fi àdírẹ́sì ìkànnì pa mọ́, ẹ kò sì ní mọ ẹni tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ fún. Bó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ gbé áàpù tàbí sáfíkéètì kan, ìyẹn fáìlì tí fóònù fi ń dá ìkànnì òótọ́ mọ̀, sórí fóònù kí ẹ tó wọlé, ẹ jáde kíá. Sáfíkéètì tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé wọlé lè jẹ́ kí onítọ̀hún ṣí àpòòwé tí HTTPS wé.

Wáífáì tó jẹ́ òótọ́ náà kò túmọ̀ sí pé ojú ìwé rẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin 19 nílùú Ọba, Euston ní Lọ́ńdọ̀nù àti Piccadilly ní Manchester wà lára wọn, èèyàn so mọ́ wáífáì tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ ìkórìíra ni wọ́n bá lójú ìwé ìwọlé. Ẹni tí ọlọ́pàá mú jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè wáífáì náà. Orúkọ pé, ibùdó pé, ráútà pé. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ló yí ojú ìwé padà.

Nígbà mìíràn, ojú ìwé ìwọlé kì í jáde rárá, ohun tí ẹ máa rí ni `Your connection is not private`. Èyí ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú jù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ fẹ́ lọ sí ìkànnì oní-HTTPS, ráútà họ́tẹ́ẹ̀lì dá a dúró lọ́nà kó lè fi ojú ìwé tirẹ̀ hàn yín, bíráúsà sì rí i pé ẹni tó dáhùn kì í ṣe ẹni tí òun pè. Ẹ má tẹ `Advanced` kí ẹ wá sọ pé kó máa lọ. Ẹ tẹ `neverssl.com` sínú bíráúsà; ìkànnì yẹn mọ̀ọ́mọ̀ kọ HTTPS sílẹ̀ kí ráútà lè rí ibi gbé ojú ìwé rẹ̀ jáde. Bí kò bá tún jáde, ẹ wo nǹkan méjì: VPN tó ti wà ní títàn, àti `Private DNS` lórí Áńdírọ́ọ̀dù bí ẹ bá ti fi orúkọ kan sí i. Ẹ pa VPN ná, kí ẹ dá `Private DNS` padà sí `Automatic`, kí ẹ wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ tún wọn tàn.

Bí ìkìlọ̀ kan náà bá wá jáde lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé tán, tí ìkànnì mìíràn ń ṣí dáadáa, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti aago fóònù, torí fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá lè jí pẹ̀lú ọdún tí kò tọ́, gbogbo ìkànnì á sì dà bí ayédèrú lójú rẹ̀. Bí ọjọ́ bá tọ́, ẹ pa wáífáì, kí ẹ fi dátà síímù lọ sí ìkànnì kan náà. Bí ìkìlọ̀ kò bá sí níbẹ̀, wáífáì yẹn ló ní ẹjọ́. Ẹ fi í sílẹ̀.

Fún iṣẹ́ báǹkì, bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ rárá, ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ pa wáífáì fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ fi dátà síímù ránṣẹ́ owó, kí ẹ tún un tàn. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan.

Lórí Windows, nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ so mọ́ wáífáì ìta, ẹ jẹ́ kó wà ní `Public network`. Èyí ló ń sọ fún láptọ́ọ̀pù pé kó má jẹ́ kí àwọn tó kù nínú họ́tẹ́ẹ̀lì rí i. Ẹni tó bá tẹ `Private network` torí pé ọ̀rọ̀ náà dún bí ohun tó láàbò, ó ti ṣílẹ̀kùn ni.

VPN: ta lẹ fẹ́ kó rí àpòòwé yín?

Ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Nàìjíríà kọ́ orúkọ VPN ní oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí ìjọba dá Twitter dúró. Títí wọ́n fi ṣí i padà ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn èèyàn ń gbé áàpù VPN ọ̀fẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá rí wọlé. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé e wá ṣe ti parí, áàpù náà ṣì wà lórí fóònù ẹlòmíràn títí di òní. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lórí Áńdírọ́ọ̀dù, ẹ wo `VPN` lábẹ́ `Network & internet`. Samsung fi í sínú `More connection settings`. Lórí áífóònù, `General` ni kí ẹ wọ̀, lẹ́yìn náà `VPN & Device Management`. Èyí tí ẹ kò bá rántí ìdí tó fi wà níbẹ̀, ẹ yọ áàpù rẹ̀ kúrò pátápátá. Pípa á lásán kò tó.

Ìdí rẹ̀ ni pé VPN kò mú ẹni tó ń wo àpòòwé kúrò, ńṣe ló pààrọ̀ rẹ̀. Láìsí VPN, onílé wáífáì ló ń rí orúkọ ìkànnì tí ẹ lọ. Pẹ̀lú VPN, onílé wáífáì rí ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ VPN, ilé-iṣẹ́ VPN ló wá ń rí ìyókù. Facebook ní VPN kan rí, Onavo Protect, tí wọ́n polówó pé ó ń dáàbò bo èèyàn. Wọ́n ń fi í wo áàpù tí àwọn èèyàn ń lò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 ló kúrò ní ìsọ̀ áàpù Apple, nígbà tí Apple ní ó tàpá sí òfin àwọn lórí kíkó ìsọfúnni jọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn o. Ẹ wá fojú inú wo áàpù ọ̀fẹ́ tí kò kọ orúkọ ẹni tó ni ín síbì kankan.

Ìgbà mélòó wá ni VPN yẹ lójú wa? Àkọ́kọ́ ni bí ọ́fíìsì yín bá ní tirẹ̀, tí fáìlì ọ́fíìsì kò sì ṣeé dé láìlò ó. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn, ẹ tàn án. Èkejì ni bí ẹ kò bá fẹ́ kí onílé wáífáì mọ ibi tí ẹ ń lọ rárá: akọ̀ròyìn tó ń bá orísun rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tó ń wá iṣẹ́ mìíràn lórí wáífáì ọ̀gá rẹ̀, aláìsàn tó ń ka nípa àìsàn rẹ̀ ní ilé àlejò tó jẹ́ ti ìbátan. Ẹ̀kẹta ni bí wáífáì náà tàbí ìjọba bá dí ibi tí ẹ fẹ́ dé, bíi ti ọdún 2021. Ó ní ibi tí agbára èyí mọ o. Lọ́jọ́ ìdìbò ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019 ní Benin, wọ́n kọ́kọ́ dí àwọn ìkànnì àwùjọ, lẹ́yìn náà wọ́n gé íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. VPN lè gba ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n dí kọjá, kò lè gba orí ohun tí kò sí.

Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ lò, tàbí kí ẹ ka ìròyìn, tàbí kí ẹ fi owó ránṣẹ́ láti inú áàpù báǹkì, owó tí ẹ máa fi ra VPN fún ìyẹn, ẹ fi ra dátà. VPN tún lè dá wàhálà sílẹ̀ fún áàpù báǹkì, torí báǹkì á rí i bíi pé ẹ ń wọlé láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì lè dá àkáǹtì dúró kó tó béèrè ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwé ayédèrú tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ páásíwọ́ọ̀dù sí, VPN á gbé e débẹ̀ láìséwu kankan.

Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta yẹn lẹ wà, ètò títàn án ló ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ so mọ́ wáífáì, kí ẹ parí ojú ìwé ìwọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ tan VPN, kí ẹ tó ṣí ohunkóhun mìíràn. Lórí Áńdírọ́ọ̀dù, ẹ tẹ àmì ìṣètò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ VPN, kí ẹ tan `Always-on VPN` àti `Block connections without VPN`. Èkejì yìí ló ń dá dátà dúró bí VPN bá já lójijì. Láìsí i, fóònù á padà sórí wáífáì lásán láìsọ fún yín. Òun kan náà ló sì máa dí ojú ìwé ìwọlé ní họ́tẹ́ẹ̀lì tó kàn, nítorí náà ẹ máa rántí pa á kí ẹ tó so mọ́ ibòmíràn.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wo nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi mọ̀ yín kí ẹ tó tàn án àti lẹ́yìn tí ẹ tàn án. Lórí láptọ́ọ̀pù:

```
curl ifconfig.me
```

Lórí fóònù, ẹ tẹ `ifconfig.me` sínú bíráúsà, yóò kọ ọ́ síwájú yín. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, VPN kò gbé yín dé ibì kankan, ohun yòówù kí àwọ̀ ewé tó wà nínú áàpù rẹ̀ máa sọ. Àmì kọ́kọ́rọ́ tàbí ọ̀rọ̀ `VPN` lókè fóònù kàn ń sọ pé áàpù náà wà ní títàn ni.

Nígbà tí ẹ bá ń kúrò ní họ́tẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà, ẹ ṣí wáífáì, kí ẹ tẹ orúkọ họ́tẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ tẹ `Forget`. Ìgbà tí ẹ ṣì wà nítòsí rẹ̀ ló rọrùn jù, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣe bákan náà lórí láptọ́ọ̀pù.